Ṣé “fọ́máàtì” ni ọmọ iṣẹ́ yìí ṣe, àbí ó pààrọ̀ Wíńdò?

Òǹtàn kọ ọ́ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń kọ ìtàn kúkúrú nípa ọmọ kan tó ń kọ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Ìgbọ̀nà gbé láàpùtọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Kò ṣí mọ́, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ ẹ́ lówó wà. Ibi tí mo dé nìyí:

“Ọ̀gá ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà fọ́máàtì sísítẹ́ẹ̀mù náà, ó fi sísítẹ́ẹ̀mù mìíràn sí i. Nígbà tó tàn, ìwé gbèsè Ìyá ṣì wà níbẹ̀, kò sí orúkọ kan tó sọnù.”

“Fọ́máàtì” yẹn ò dùn létí mi. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Bàbá Olùkọ́:

Ohun tí kò dùn létí rẹ, má jẹ́ kó wọ inú ìwé rẹ. Mo ti rí ibi tí ẹnì kan ti kọ “ìfijoyè” fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé “install” kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún oyè àti fún ẹ̀rọ. Wíńdò, sísítẹ́ẹ̀mù tí à ń sọ yìí, kì í ṣe Àtáọ́ja; ta ni yóò fi ewé oyè lé e lórí? Àbá tèmi ni “àtúntò”: ó tún un tò.

Ṣùgbọ́n àléébù kan wà nínú ìtàn náà. Fọ́máàtì ni pé kí a pa ohun gbogbo rẹ́. Ẹni tó bá sì fi sísítẹ́ẹ̀mù tuntun sí ẹ̀rọ ti pa ohun gbogbo rẹ́ náà nìyẹn. Ìwé gbèsè kò lè ṣẹ́kù. Yálà kó o jẹ́ kí ó sọnù, tàbí kó o yí ìtàn padà.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ìyá yẹn kó má gbé e fún ọmọ iṣẹ́ o! Lọ́dún tó kọjá mo gbé tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Kò ju pé ó ń fà lọ. Wọ́n ní, “Mọ́mì, a máa fọ́máàtì ẹ̀.” Mo ní kò burú. “Fọ̀” ni mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, mo rò pé wọ́n fẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́ ni. Ìgbà tí mo padà dé, ó mọ́ lóòótọ́: gbogbo fọ́tò ìsìnkú bàbá mi ti lọ. Mo bínú títí, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò purọ́ fún mi. Ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe, èmi ni mi ò mọ ohun tó sọ. Kí ìyá aláṣọ yẹn kó nǹkan rẹ̀ sí fíláàṣì kó tó jáde nílé.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Òkè-Fìà:

Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Ìyá inú ìtàn ni o, kò sí ẹni tó fẹ́ gbé láàpùtọ́ọ̀pù lọ síbì kankan. Kò tiẹ̀ lè kó nǹkan kan sí fíláàṣì nílé, torí ẹ̀rọ náà ò ṣí. Àmọ́ ẹ ti fọwọ́ kan ibi tí bàtà ti ń ta. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, “fọ́máàtì” ni a ń pe iṣẹ́ méjì tí kò jọ ara wọn, oníbàárà ló sì ń jìyà rẹ̀.

Inú láàpùtọ́ọ̀pù dà bí ilé tí wọ́n pín sí yàrá. Yàrá ńlá kan ni Wíńdò ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni ẹrù oníbàárà sábà máa ń wà. Fọ́máàtì ni kí o ko ohun tó wà nínú yàrá yẹn dànù. Kí o fi Wíńdò sí i, iṣẹ́ tirẹ̀ ni. O lè ko yàrá kó o tó fi sí i, o sì lè má ko ó. Ibẹ̀ ni Bàbá Olùkọ́ ti ṣì í díẹ̀, kí Bàbá má bínú.

Bí mo ṣe ń ṣe é lórí Wíńdò 10 nìyí. Nígbà tí o bá ti fi fíláàṣì tí Wíńdò wà lórí rẹ̀ tan ẹ̀rọ, tí o sì yan “Custom”, ó máa bi ọ́ pé “Where do you want to install Windows?”, ó sì máa to àwọn yàrá sílẹ̀. Wàá rí “Delete” àti “Format” nísàlẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá tẹ “Format” lórí yàrá ńlá yẹn, ìwé gbèsè ti lọ. Bí kò bá tẹ ẹ́, tó kàn yan yàrá náà tó tẹ “Next”, ẹ̀rọ máa kìlọ̀ fún un pé òun fẹ́ kó ti àtijọ́ sínú fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old. Tí ó bá parí, wọ inú C, ṣí Windows.old, ṣí Users, ṣí orúkọ oníǹkan. Documents rẹ̀ wà níbẹ̀, Desktop rẹ̀ wà níbẹ̀. Kìkì pé àyè gbọ́dọ̀ wà, torí àtijọ́ àti tuntun á jọ wà nínú yàrá kan náà.

Síbẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi gbára lé Windows.old nìkan. Bí iná bá lọ láàárín kan, tí bátìrì sì ti kú, ta ni mo fẹ́ pè? Kí o kó ẹrù jáde ná. Lójú ìkíní tó máa yọ nígbà tí fíláàṣì bá tan ẹ̀rọ, tẹ Shift+F10. Ojú dúdú kan á ṣí. Kọ èyí sí i:

```
notepad
```

Lọ sí File, tẹ Open, yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí “All Files”. Gbogbo dúráífù á hàn níbẹ̀. Tẹ ọ̀tún lórí fódà oníbàárà, tẹ Copy, kó o lọ Paste rẹ̀ sórí fíláàṣì kejì. Lẹ́tà máa ń yí padà níbẹ̀ o. Èyí tí o mọ̀ sí C lè máa jẹ́ D, torí náà ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kí o wò, má wo lẹ́tà.

Ohun méjì ló lè ba ìtàn yìí jẹ́. Bí dúráífù bá wà lábẹ́ BitLocker, àgádágodo tí Wíńdò fi ń ti dúráífù pa, kò ní ṣí fún ọmọ náà, àfi kí ìyá mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá, tó jẹ́ díjíìtì méjìdínláàádọ́ta. Ó sábà máa ń wà nínú ákáǹtì tó fi ṣí ẹ̀rọ náà níbẹ̀rẹ̀. Èkejì, bí dúráífù bá ń ró kọ́kọ́kọ́, tàbí tí ẹ̀rọ ò tiẹ̀ rí i, Wíńdò kọ́ ló kú. O lè fi Wíńdò mẹ́wàá sí i, wàhálà náà á tún padà wá.

Lórí ọ̀rọ̀ “sísítẹ́ẹ̀mù”: ẹ yọ ọ́ kúrò. Ní Òṣogbo níbí, bí ẹnì kan bá ní “sísítẹ́ẹ̀mù mi”, láàpùtọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ló ń sọ. Ẹni tó bá ka ìtàn yín á rò pé ọmọ náà ti láàpùtọ́ọ̀pù kan bọ inú òmíràn. Bí a ò bá fẹ́ ko yàrá, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń sọ pé “a fẹ́ pààrọ̀ Wíńdò ẹ̀”, bí ẹni pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀.

Ọmọ Aláró:

Ẹ̀yin ń sọ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ní ìlú aró! Ilé tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo dàgbà sí. Bí aṣọ bá ṣá, ìyá mi kì í sọ ọ́ nù. Ó máa ń tún un rẹ ni. Ibi tí ẹ̀kọ bá sì bò, aró kì í dé ibẹ̀. Kí lẹ ò ṣe sọ pé ọmọ náà “tún ẹ̀rọ náà rẹ”? Ìwé gbèsè wà lábẹ́ ẹ̀kọ, aró tuntun ò kàn án.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Òkè-Fìà:

Ọ̀rọ̀ yín dùn, mo sì fẹ́ràn ẹ̀kọ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún aṣọ rẹ, aró àtijọ́ ṣì wà nínú òwú, tuntun kàn gùn ún ni. Wíńdò tuntun kì í gun ti àtijọ́. Ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan ni, ti àtijọ́ ò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́. Kí n tó lè lo “rẹ” fún oníbàárà, màá ní láti ṣàlàyé fún ìdajì wákàtí.

Bàbá Olùkọ́:

Mo gbà pé mo ti so fọ́máàtì àti ìfisí pọ̀, ẹ ṣeun. “Pààrọ̀” ni mi ò tíì gbà. Ẹni tó pààrọ̀ nǹkan ti fi ọ̀kan sílẹ̀, ó sì gba òmíràn. Ìyá ọlọ́jà gbọ́ “pààrọ̀”, ó á béèrè iye tí tuntun jẹ́ àti ibi tí ti àtijọ́ wà.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Òkè-Fìà:

Bàbá, wọ́n máa ń béèrè lóòótọ́! Ti àtijọ́ wà nínú Windows.old. Ní ti owó, bí Wíńdò tó bá ẹ̀rọ náà dé bá jẹ́ ojúlówó, tí ọmọ náà sì fi irú kan náà sí i, Home fún Home, Pro fún Pro, á mọ ara rẹ̀ tó bá ti dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni ìyá á san. Ohun kan tún wà tí mo gbàgbé: fọ́máàtì wà nínú ìtàn yín, ṣùgbọ́n fíláàṣì ló ṣẹlẹ̀ sí. Fíláàṣì 8GB tí ọmọ náà fi ètò kan tó ń jẹ́ Rufus gbé Wíńdò sí, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ. Kó má lọ jẹ́ ti ọ̀gá o.

Ìyá Ìbejì:

Áà, ìtàn ni! Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn ṣàlàyé fún ìyá kó tó fọwọ́ kàn án. Èmi ò bá ti sá lọ ká ní wọ́n sọ fún mi pé “a fẹ́ ko ohun tó wà níbẹ̀ dànù”.

Òǹtàn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti tún un kọ:

“‘Ṣé wàá fọ́máàtì ẹ̀ ni?’ Ìyá béèrè. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yẹn jẹ ẹ́ níyà rí. ‘Rárá, Mà. Màá kó ẹrù yín jáde ná, lẹ́yìn náà màá pààrọ̀ Wíńdò ẹ̀.’ Ó ki fíláàṣì bọ̀ ọ́. Ó wo D, ó rí fódà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ GBESE IGBONA, ó mí kanlẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, láàpùtọ́ọ̀pù tàn. Ó ṣí ìwé gbèsè náà nínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, Ìyá fi ìka tẹ̀ lé orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Mo fi “pààrọ̀” sí i fún ìgbà yìí. Mo mọ̀ pé Bàbá ò fẹ́ ẹ. “Rẹ” ti Ọmọ Aláró, màá fi sẹ́nu ìyá níbòmíràn.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Òkè-Fìà:

Ó ti dára. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan ló ń wà nínú Windows.old tó ṣeé lò. Àwọn ètò tó wà níbẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, àfi kí wọ́n tún wọn fi sí i. Níbo ni ọmọ yìí ti rí Ẹ́sẹ́ẹ̀lì tó fi ṣí ìwé gbèsè?

Òǹtàn:

Ha! Ẹ jẹ́ kí n padà sí i.