Mọ́tò ẹ̀rọ èlùbọ́ mi tún jóná: ta ló ń wé e dáadáa ní Ìbàdàn?

Ẹlẹ́lùbọ́ Mọ́níyà: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Mọ́tò iná họ́ọ̀sì 10 tó ń lọ èlùbọ́ mi tún jóná lónìí, ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé láàárín oṣù 3. Ófálóòdù ò já rárá. Ta lẹ mọ̀ tó ń wé mọ́tò dáadáa? Àwọn oníbàárà mi láti Bódìjà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ìyá Ìbejì Àpáta: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún ẹni tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé mọ́tò ẹ̀rọ ata mi fún ọkùnrin kan, ó gba owó kọ́pà lọ́wọ́ mi pé pérépéré. Ọjọ́ 11 péré ló lò kó tó jóná. Ẹlòmíràn ló tú u, ó fi ọ̀bẹ fá ara wáyà náà, funfun ló rí nínú. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi àwọ̀ kọ́pà kùn! Owó mi wọgbó. Ẹ jókòó tì í títí yóò fi wé e tán.

Ọmọ Mápó: Ọ̀rọ̀ gidi ni ìyá sọ. Ẹ wọn wáyà tó jóná tí wọ́n bá tú jáde, kẹ́ ẹ tún wọn tuntun tí wọ́n fẹ́ fi wé e. Bí tuntun bá fúyẹ́ gan-an, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ.

Ìyá Ìbejì Àpáta: Ọkùnrin tèmi ò jẹ́ kí n rí èyí tó tú. Ó ní òun ti tà á.

Ẹ̀ńjíníà Ọ̀jọ́ọ̀: Ẹ ṣe sùúrù ná. Ẹlẹ́lùbọ́, kí ẹ tó wá ẹni tí yóò wé e, ibo lẹ gbé mọ́tò náà sí? Áńpù mélòó ló ń fà? Kí ni wọ́n kọ sára pátákó kékeré tó wà lára ẹ̀?

Ẹlẹ́lùbọ́ Mọ́níyà: 7.5 kW, 15 A, AMB 40°C, INS. CL. F. Lẹ́yìn tó kọ́kọ́ jóná, oníná tó wá gbé e padà fi mítà wò ó, 14 ni. Inú àpótí búlọ́ọ̀kù ló wà. Àwọn ará ilé kejì ń ráhùn pé ariwo pọ̀, mo bá mọ búlọ́ọ̀kù yí i ká, mo fi pákó bò ó lórí, ojú bẹ́líìtì nìkan ni mo dá sí. Kí n tó mọ àpótí náà, ọdún 4 ni mo ti lo mọ́tò náà láìsí wàhálà.

Ọmọ Mápó: Ooru ni. Orí òkè ni Ìbàdàn wà pẹ̀lú, afẹ́fẹ́ ibi gíga kì í mú mọ́tò tutù. Ẹ gbé fáànù ńlá kan sínú àpótí náà, ó parí.

Ará Jọ́ọ̀sì: Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Jọ́ọ̀sì ni mo ń gbé. Ọmọ Mápó, gíga Mápó ò tó ohun tí mọ́tò ń bẹ̀rù. Níbi tí mo wà níhìn-ín, a fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju òkun lọ, jẹnẹrétọ̀ mi ò sì gbé tó bó ṣe ń gbé nílé. Ṣé kí n ra èyí tó tóbi sí i ni?

Ẹ̀ńjíníà Ọ̀jọ́ọ̀: Ará Jọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń mí afẹ́fẹ́ láti jó epo. Ní ti mọ́tò iná, títí dé mítà 1,000 ni wọ́n ti ṣírò agbára tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Jọ́ọ̀sì fi díẹ̀ kọjá ibẹ̀, òtútù ibẹ̀ sì ń san án padà. Ìbàdàn ò dé ìdajì ẹ̀.

Ẹlẹ́lùbọ́, àpótí yẹn ni mò ń fura sí. AMB 40°C túmọ̀ sí pé tí afẹ́fẹ́ tó ń wọ ìdí fáànù mọ́tò náà ò bá ju 40 lọ, ó lè gbé 7.5. Tó bá jù ú lọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé tó bẹ́ẹ̀ lé e mọ́. Ṣé ẹ mọ bí inú àpótí náà ṣe gbóná tó?

Ẹlẹ́lùbọ́ Mọ́níyà: Mo fi tẹmọ́mítà tí mò ń lò fún àwọn ọmọ adìyẹ kọ́ sínú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí pákó ìdérí gbóná. 56 ló kà ní aago 2 ọ̀sán.

Ẹ̀ńjíníà Ọ̀jọ́ọ̀: Ó ti yé mi. Ní 55, a máa ń fi nǹkan bíi 0.87 ṣe ìsọdipúpọ̀ agbára mọ́tò:

7.5 × 0.87 = 6.5 kW

Tiyín ń fa 14 nínú 15, ìyẹn nǹkan bíi 7 kW. Ẹrù náà ò kéré fún ibi tó wà, ó ti pọ̀ jù ú lọ. Bí ooru wáyà inú mọ́tò bá fi 10 lé sí i, ẹ̀mí ohun tó ń bo wáyà náà dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Tiyín ti lé 16. Ìyẹn nìkan kọ́: ìyẹ̀fun èlùbọ́ ń dí àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lára mọ́tò, tẹmọ́mítà yín ò lè rí ìyẹn.

Ófálóòdù ò já nítorí pé ara ògiri ló wà, iná tó ń kọjá nìkan ló ń wò. 14 kò ju 15, lójú tiẹ̀ kò sí ìṣòro. Ẹ ní kí ẹni tó ń wé e ki tẹ́mísítọ̀ kéékèèké 3 sínú wáyà, ọ̀kan fún ojú iná kọ̀ọ̀kan, kó so wọ́n mọ́ rìlé tí yóò pa ẹ̀rọ náà. Ìyẹn ló ń rí ooru fúnra ẹ̀.

Ọmọ Mápó: Ẹ̀gbọ́n, kí ló wá burú nínú fáànù tí mo sọ?

Ẹ̀ńjíníà Ọ̀jọ́ọ̀: Àbúrò, tó bá wà nínú àpótí tí kò lójú, afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ni yóò máa rò kiri. Tó bá wà níta, tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù wọlé láti ìsàlẹ̀, tí ihò sì wà lókè lódìkejì tí ooru lè gbà jáde, mo fara mọ́ ọn. Ẹ fi àyè ìka mẹ́rin, ó kéré tán, sílẹ̀ láàárín ìdí fáànù mọ́tò àti ògiri. Kẹ́ ẹ máa fẹ́ ìyẹ̀fun náà dànù lójoojúmọ́.

Ìyá Ìbejì Àpáta: Ẹ̀ńjíníà, ẹ má bínú, àpótí kọ́ ló jó tèmi, ìta gbangba ló wà. Ẹni tó wé e ni. Ta ló sọ pé ti ẹlẹ́lùbọ́ yìí náà kọ́?

Ẹ̀ńjíníà Ọ̀jọ́ọ̀: Ìyá, ẹ ò ṣì sọ. Èyí àkọ́kọ́, àpótí ni mò ń fura sí. Èkejì lè jẹ́ méjèèjì, pàápàá tí bébà àti fáníìṣì tí wọ́n lò ò bá gba ooru tó ìpele F tí wọ́n kọ sára mọ́tò náà. Láìtú u, n ò lè búra.

Ẹlẹ́rọ Ìyànà Ṣọ́ọ̀ṣì: Ẹ ra họ́ọ̀sì 15, kẹ́ ẹ fi àpótí sílẹ̀.

Ẹ̀ńjíníà Ọ̀jọ́ọ̀: 7 ÷ 0.87 = 8 kW, họ́ọ̀sì 15 tó jẹ́ 11 kW gbé e dáadáa. Ṣùgbọ́n inú ooru tó ń tú jáde lára ara ẹ̀ ni yóò tún ti máa mí. Tí inú àpótí bá gòkè dé 65 ńkọ́?

Ẹlẹ́lùbọ́ Mọ́níyà: Ẹ ṣé gan-an ni. Owó họ́ọ̀sì 15 ò sí, owó tẹ́mísítọ̀ náà ò sí. N ò lè wó àpótí, èmi àti àwọn ará ilé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà ni. Mo ti gbé e fún ẹni tó wé e nígbà àkọ́kọ́, ó ní òun yóò parí ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti yọ búlọ́ọ̀kù kan nídìí fáànù.

Ẹ̀ńjíníà Ọ̀jọ́ọ̀: Ẹ yọ òmíràn lókè lódìkejì, ojú kan ò tó. Kẹ́ ẹ kọ́ tẹmọ́mítà yẹn sí ìdí fáànù gan-an. Tó bá ti ń kọjá 45, ẹ dín èlùbọ́ tẹ́ ẹ ń dà sí i kù títí tí mítà yóò fi ka 13.

Ìyá Ìbejì Àpáta: Ẹni kan náà? Ṣé ẹ wọn kọ́pà náà?