Síkáànù méjì, èsì méjì: wọ́n tún ní kí ọkọ mi lọ ṣe Sí-Tì

Màmá Tóbi: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Inú ń bí mi. Láti Ọjọ́rú ni ìrora ti gbé ọkọ mi ṣánlẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún wá sí abẹ́ ikùn, ó ń yí nílẹ̀ bí ọmọdé. Síkáànù àkọ́kọ́ ní kíndìnrín ọ̀tún wú, òkúta sì wà níbẹ̀. Dókítà ní ká tún un ṣe níbòmíràn. Àwọn yẹn ní kíndìnrín wú lóòótọ́, àmọ́ àwọn ò rí òkúta kankan. Owó lọ, ìwé méjì tó ń bá ara wọn jà ló kù sí mi lọ́wọ́. Ní báyìí wọ́n ní Sí-Tì ló kù, ₦85,000! Ìyá ọkọ mi sì ní iyọ̀ tí mò ń fi sọ́bẹ̀ ló fà á. Ṣé wọn ò kàn máa jẹ wá lówó báyìí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ má jẹ́ kó ṣe é o! Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fúnni níbẹ̀ máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Omi púpọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́, òkúta á ṣàn jáde.

Bọ̀dá Ẹ́sírè: Ọdún 14 ni mo ti wà ní yàrá síkáànù. Màmá Tóbi, ìwé méjèèjì ò jà rárá. Láti kíndìnrín dé àpò ìtọ̀, ọ̀nà tóóró kan ló wà, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25. Síkáànù tí wọ́n ń fi jẹ́ẹ̀lì ra síni níkùn kì í ríran la afẹ́fẹ́ kọjá, ìfun tó kún fún afẹ́fẹ́ ló sì bo àárín ọ̀nà náà. À ń rí òkè, à ń rí ìsàlẹ̀ bí àpò ìtọ̀ bá kún, àmọ́ òkúta tó há sáàárín lè sá pamọ́ fún wa. Wíwú yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wò: bí gọ́tà bá dí nísàlẹ̀, òkè ni omi ń kún sí.

Sí-Tì ló máa fi ibi tó há sí hàn, àti bó ṣe tóbi tó. Èyí tí kò tó mìlímítà 5 sábà máa ń bọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó ju 10 lọ, ẹ má dúró dè é.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, abẹ́rẹ́ yẹn wà lóòótọ́, àmọ́ a kì í gún un tó bá jẹ́ òkúta là ń wá. Òkúta ń funfun lójú ẹ̀rọ, oògùn yẹn náà ń funfun, ó lè bo òkúta mọ́lẹ̀.

Mìlímítà mélòó ni wọ́n kọ? Ṣé ara rẹ̀ ń gbóná?

Àǹtí Sídí: Ẹ fọkàn balẹ̀. Nígbà tí mo lóyún àbíkẹ́yìn mi, wọ́n ní kíndìnrín ọ̀tún mi wú. Mo bímọ tán, ó wálẹ̀.

Bàbá Àdìó: Àǹtí, ṣé Bàbá Tóbi lóyún ni?

Màmá Tóbi: Mìlímítà 8 ni. Ìrora náà ti lọ láti àná, òkúta ti bọ́ nìyẹn, ìdí tí àwọn kejì ò fi rí i. Ẹ bá mi sọ fún ìyá ọkọ mi pé iyọ̀ tí mò ń lò ò pọ̀.

Bọ̀dá Ẹ́sírè: Ta ló rí i kó bọ́? Ìrora lè lọ kí ọ̀nà ṣì dí, kíndìnrín á sì máa bàjẹ́ láìpariwo. Ẹ ò dá mi lóhùn lórí ara gbígbóná.

Màmá Tóbi: Ibà lásán ni, mi ò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Oníkẹ́mísí ti gún un lábẹ́rẹ́ ibà láti àná. Ó ṣì ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, 39.4 ni wọ́n bá lára rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí.

Bọ̀dá Ẹ́sírè: Ẹ dìde! Alẹ́ òní, ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà ọ̀nà ìtọ̀. Ìtọ̀ tó sé mọ́ ẹ̀yìn òkúta, tí kòkòrò wọ̀, á di ọyún, á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Oògùn nìkan ò ní ká a bí ọ̀nà bá ṣì dí. Wọn ò ní kọ́kọ́ yọ òkúta o. Wọ́n á fi rọ́bà fa omi yẹn jáde, yálà láti ẹ̀yìn tààrà sínú kíndìnrín, tàbí rọ́bà tín-ín-rín tó gba ìsàlẹ̀ kọjá òkúta. Òkúta á dúró di ìgbà tí ara bá balẹ̀. Tó bá jẹ́ rọ́bà tín-ín-rín yẹn ni wọ́n fi sí i, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa yọ rọ́bà náà. Mo ti rí èyí tí wọ́n gbàgbé títí òkúta fi hù bò ó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ó ṣì lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn ṣá.

Bọ̀dá Ẹ́sírè: Ó lè jẹ́ méjèèjì. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níbẹ̀.

Bàbá Àdìó: Látàárọ̀ lẹ ti ń sọ̀rọ̀ iyọ̀ àti owó, ẹ ò mẹ́nu ba ibà!

Màmá Tóbi: Ẹ má bá mi wí mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń gbé ọkọ̀ bọ̀. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ní òun ò lọ, pé oorun lòun fẹ́ sùn. Ìwé síkáànù wo ni kí n mú dání?

Bọ̀dá Ẹ́sírè: Méjèèjì. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé kíndìnrín dí, ibà sì wà.