"Dírọ́dáàn": ṣé omi ti gbẹ ni?

Òǹbéèrè, nítòsí Ìsánlú: Òkun o, ẹ̀yin àgbà. Ẹnjiníà tó gbẹ́ bọ́hòòlù àdúgbò wa kọ ímeèlì pé omi wà ní mítà 18, ó dé 42 nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, dírọ́dáàn rẹ̀ jẹ́ 24, yíìdì sì jẹ́ ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èmi ni mo máa túmọ̀ ọ fún àwọn ìyá wa. Mo kọ "omi ti gbẹ ní mítà 24" àti "èso kànga". Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Agbẹ́kànga, Kàbà: Àbúrò, jọ̀ọ́, má tíì kà á fún wọn. Tí wọ́n bá gbọ́ pé omi ti gbẹ, ta ni yóò tún dá owó? Kí wọ́n tó tan pọ́ǹpù, mítà 18 ni okùn ìwọ̀n ti kan omi. Nígbà tí wọ́n tan án, omi ń lọ sílẹ̀ títí èyí tó ń ti inú sísán àpáta wọlé fi bá èyí tí pọ́ǹpù ń fà dọ́gba. Ibẹ̀ ni 42. Ìyàtọ̀ àárín wọn ni 24 yẹn. Tí wọ́n bá pa pọ́ǹpù, omi á tún gòkè padà.

Olùkọ́ Yorùbá: Ó yé mi. "Ìlọsílẹ̀ omi" tó o. "Èso" ò sì bá a mu rárá, ti oko nìyẹn.

Agbẹ́kànga: Ẹ ṣé, sà, àmọ́ omi máa ń lọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láìsí ẹni tó fa nǹkan kan. Fífà ló fa tibí. "Ìfàlọsílẹ̀" ni mo fẹ́. Ní ti yíìdì, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì: onílítà 25 á kún ní ìṣẹ́jú àáyá 50. Ìyá kankan ò ní bi yín ní nǹkan mìíràn.

Ìyá kan, Mọ̀pà: Tiwa nílé ń tu afẹ́fẹ́ lẹ́yìn wákàtí kan. Ṣé ìfàlọsílẹ̀ náà nìyẹn?

Agbẹ́kànga: Ó ṣeé ṣe, Ìyá. Mítà mélòó ni wọ́n so pọ́ǹpù yín kọ́ sí? Ká ní 45 ni wọ́n so ti Ìsánlú yìí sí, mítà 3 péré ni omi fi bò ó. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú omi lọ sílẹ̀ ní mítà 5, pọ́ǹpù á máa gbé afẹ́fẹ́ mì, mọ́tò rẹ̀ á sì gbóná. Àmọ́ páìpù tó sán náà lè fà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi okùn wọn ibi tí omi wà nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó ra pọ́ǹpù tuntun.

Olùkọ́ Yorùbá: "Ìfàlọsílẹ̀" ṣì wúwo lẹ́nu mi. Kí ló dé tí a ò kàn sọ ọ́ ní gbólóhùn?

Òǹbéèrè: Ohun tí mo kọ báyìí rèé: "Tí a bá ń fa omi, yóò fi mítà 24 lọ sílẹ̀ kúrò níbi tó ń sinmi sí, tí a bá dáwọ́ dúró, yóò padà." Mo ti béèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà ibi tó so pọ́ǹpù kọ́ sí. Kò tíì fèsì.