Ẹṣin 50 sí 1: kí ló dé tí àdánù mi fi pọ̀ ju ohun tí ìṣirò mi sọ lọ?

Alákọsílẹ̀ (Peckham, Lọ́ńdọ̀nù):

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n bá mi wò ó dáadáa. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń ta tẹ́tẹ́ ẹṣin níbí, pọ́ùn 2 péré lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ẹṣin tí wọ́n kọ 50 sí 1 síwájú rẹ̀ nìkan ni mo ń mú, ìyẹn ni pé tó bá borí, pọ́ùn 1 yóò jèrè pọ́ùn 50, nítorí mo rò pé ìgbà díẹ̀ tó bá wọlé yóò bo gbogbo ìgbà tí kò wọlé. Mo ti ta á nígbà 300. Pọ́ùn 600 ló jáde lápò mi. Ẹṣin méjì péré ló borí, pọ́ùn 102 sì ni wọ́n san fún mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tòun ti owó tí mo fi ta á. Nítorí náà pọ́ùn 204 ló padà wá, 396 sì lọ.

Ohun tó rú mi lójú nìyí. Mo mú eré kan tí ẹṣin mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, láti orí ẹṣin ààyò tó jẹ́ 6 sí 4 títí dé èyí tó kẹ́yìn tó jẹ́ 50 sí 1, mo sì yí iye kọ̀ọ̀kan padà sí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹṣin 6 sí 4 jẹ́ ìdá 40, nítorí 4 nínú 10 ni, ẹṣin 50 sí 1 sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 2, nítorí 1 nínú 51 ni. Nígbà tí mo ro gbogbo wọn pọ̀, 109 ni mo rí dípò 100. Mo wá sọ fún ara mi pé ìdá 9 yẹn ni èrè ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá ń ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀ yóò máa pàdánù bíi pọ́ùn 8 nínú 100, ẹṣin yòówù kó mú. Àmọ́ pọ́ùn 66 ni èmi pàdánù nínú 100. Ṣé oríire ni kò sí lọ́dọ̀ mi ni, àbí ibì kan wà tí ìṣirò mi ti wọ́?

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn):

Ẹ kú ìdúró o, ọmọ wa. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ẹ fẹ́ mọ ẹṣin tí ẹ ó mú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Manchester lọ́dún 2009, ó fi pọ́ùn 5 lé ẹṣin kan tó ń jẹ́ Mon Mome nínú eré ńlá Grand National nítorí pé orúkọ rẹ̀ wù ú, ẹṣin náà sì borí ní 100 sí 1. Pọ́ùn 505 ló gbà. Owó yẹn ló fi wá sílé fún ìsìnkú bàbá wa. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹṣin tí ayé kò kà sí kì í borí. Ẹ kàn ní sùúrù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Birmingham):

Mà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹṣin tí wọn yóò mú ni wọ́n ń béèrè. Arákùnrin, ọ̀rọ̀ yín kò le rárá. Iye tí wọ́n ń kọ síwájú àwọn ẹṣin tí a kò kà sí kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ti ẹṣin ààyò sì sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹṣin 50 sí 1 sílẹ̀, kí ẹ máa mú ẹṣin ààyò nínú gbogbo eré, ẹ ó sì máa jèrè. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Àgbà Oníṣirò (Leeds):

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá pẹ̀lú àwọn tó ń gba tẹ́tẹ́, iṣẹ́ mi sì ni kíkọ iye síwájú ẹṣin, nítorí náà ọ̀nà mi nìyí.

Ìdajì òtítọ́ ni Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ. Òótọ́ ni pé ẹṣin ààyò kì í gba owó ẹni bí ẹṣin 50 sí 1 ṣe ń gbà á, ṣùgbọ́n kí àdánù kéré kò sọ ọ́ di èrè. Nínú ìwádìí tí Snowberg àti Wolfers gbé jáde ní 2010, tí wọ́n fi àwọn eré ẹṣin Amẹ́ríkà láti 1992 sí 2001 ṣe, ẹni tó bá ń mú ẹṣin ààyò nínú gbogbo eré pàdánù nǹkan bí 5.5 nínú 100. Ẹni tó kàn ń ṣa ẹṣin láìwò pàdánù nǹkan bí 23. Ẹni tó bá ń mú àwọn tó jẹ́ 100 sí 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pàdánù nǹkan bí 61. Àdánù ni gbogbo rẹ̀, kìkì pé wọn kò dọ́gba.

Alákọsílẹ̀, ibi tí ìṣirò yín ti wọ́ ni pé ẹ pín ìdá 9 yẹn gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ẹṣin kọ̀ọ̀kan. Ẹ rò pé ẹṣin ńlá, bíi ti 6 sí 4, ń ru èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, tí ẹṣin kékeré, bíi ti 50 sí 1, sì ń ru díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó lọ́nà mìíràn. Ẹṣin mẹ́jọ ló wà nínú eré yín, ìdá 9 ló sì lé. Ẹ ṣe bí ẹni pé nǹkan bí ìdá kan ni wọ́n bù lé ẹṣin kọ̀ọ̀kan, ńlá àti kékeré bákan náà. Ẹṣin 6 sí 4 tí iye rẹ̀ ń sọ pé ìdá 40 ni yóò máa borí nígbà 39 nínú ọgọ́rùn-ún ní òdodo. Tí ẹ bá fi pọ́ùn 100 lé e káàkiri irú eré bẹ́ẹ̀, pọ́ùn 97 ààbọ̀ ni yóò máa padà wá. Pọ́ùn 2 ààbọ̀ péré lọ. Ẹ wá wo ẹṣin 50 sí 1. Iye rẹ̀ ń sọ pé ìdá 2 ni, àmọ́ tí ẹ bá yọ ìdá kan kúrò lára ìdá 2, ìdajì ló kù. Pọ́ùn 49 ni yóò padà wá nínú 100. Ìdá kan náà ni wọ́n yọ lára àwọn méjèèjì. Ẹṣin ńlá kò mọ̀ ọ́n lára, ẹṣin kékeré sì pàdánù ìdajì ara rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é gan-an kò rí gbọnrangandan bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo eré, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ nìyẹn, ó sì sún mọ́ ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́. Iye tí àwa fúnra wa gbà gbọ́ fún irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ 100 sí 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ 50 la máa kọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwé yín nìkan ṣe ẹ̀rí. Ká ní iye 50 sí 1 tọ́ ní òdodo, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló yẹ kí ẹ borí nínú 300. Tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ borí lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàtọ̀ àárín mẹ́ta àti méjì kò tó nǹkan, àní ìyàtọ̀ àárín mẹ́fà àti méjì ṣì lè wá láti ọwọ́ oríire lásán. Ẹṣin mẹ́rin péré ló yà yín sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń jèrè pọ́ùn 12, ohun tó sì mú kí ó ṣòro fún ẹni tó ń ta irú tẹ́tẹ́ yìí láti mọ̀ pé òun ń pàdánù nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì gba pọ́ùn 505 ní òótọ́, ṣùgbọ́n a kò lè ti ara eré kan mọ bóyá 100 sí 1 ni ó yẹ kí wọ́n san tàbí 250 sí 1.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọrọ̀-ajé (Houston):

Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́ fún àlàyé yìí, ṣùgbọ́n mo ní ohun kan láti béèrè. Àlàyé yín gbé ẹ̀bi lé ẹni tó ń kọ iye síwájú ẹṣin. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ eré Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tó ń kọ iye kankan. Gbogbo owó tí àwọn ènìyàn bá ta ni wọ́n kó sínú àpò kan, pápá eré yọ ìpín tirẹ̀, wọ́n sì pín ìyókù fún àwọn tó borí. Iye tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń san wá láti ọwọ́ àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ fúnra wọn, síbẹ̀ àwọn eré Amẹ́ríkà yẹn gan-an ni wọ́n ti rí àdánù 61 tí ẹ sọ. Nítorí náà, àwa atatẹ́tẹ́ ni a ń da owó jù sórí ẹṣin tí a kò kà sí. Àwọn kan sọ pé ìfẹ́ ewu ló fà á. Ohun tí Snowberg àti Wolfers fara mọ́ ni pé ojú wa kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú 100 àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú 260.

Àgbà Oníṣirò (Leeds):

Àbúrò, ẹ sọ òdodo nípa Amẹ́ríkà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní Bìrìtéènì, ohun tí mo mọ̀ ni ìbẹ̀rù. Tí a bá kọ 100 sí 1 síwájú ẹṣin tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ̀ pé ó ti gbóná ju bí ayé ṣe rò lọ, ẹnì kan nínú wọn yóò wọlé pẹ̀lú pọ́ùn 1,000, a ó sì san 100,000. Lórí ẹṣin ààyò, pọ́ùn 1,000 yẹn kò lè pa wá lára tó bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan tó ń jẹ́ Shin kọ nípa èyí ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn: ẹni tó ń kọ iye ń gé ẹṣin kékeré kúrú láti dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ àṣírí.

Ẹ rántí ẹṣin tó ń jẹ́ Foinavon, nínú Grand National ní Aintree lọ́dún 1967. Àwọn ẹṣin ṣubú lura wọn níbi ọgbà kẹtàlélógún, òun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí àyè fò ó, ó sì borí. Ṣọ́ọ̀bù san 100 sí 1. Àpò owó gbogboogbò tí wọ́n ń pè ní Tóòtù, níbi tí kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù, san 444 sí 1 lórí ẹṣin kan náà, nínú eré kan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọrọ̀-ajé (Houston):

Foinavon fi hàn pé ṣọ́ọ̀bù kì í san ju ibì kan lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ní Hong Kong, tí òun náà ń lo àpò owó, Busche àti Hall wò ó ní 1988, wọn kò rí ìwọ́ yìí, ìyẹn àdánù tó pọ̀ jù lórí ẹṣin kékeré, níbẹ̀ rárá. Tí ó bá jẹ́ ojú ọmọ ènìyàn ló ń tan án jẹ, kí ló dé tí kò tan ojú àwọn ará Hong Kong jẹ? Mi ò ní ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Birmingham):

Mo ti ṣí ìwé tèmi wò lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n. Mi ò jèrè. Ìgbà tí mo jẹ ni mo ń rántí.

Alákọsílẹ̀ (Peckham, Lọ́ńdọ̀nù):

Ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti rí i báyìí pé ìṣirò mi ló pín ẹrù náà bí kò ṣe yẹ. Ìbéèrè méjì ló kù. Tí n kò bá lè fi ẹṣin tó borí mọ òtítọ́, kí ni kí n fi mọ̀ ọ́n? Èkejì, ẹṣin 34 ló ń sáré nínú Grand National nísinsìnyí. Ṣé ìdá kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí pé àròpọ̀ gbogbo iye wọn lè dé 134?

Àgbà Oníṣirò (Leeds):

Ní ti èkíní, ẹ kọ iye méjì sílẹ̀ nígbà tí eré bá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀: iye tí ṣọ́ọ̀bù kọ, àti iye tí wọ́n ń rà á lórí ẹ̀rọ níbi tí àwọn atatẹ́tẹ́ ti ń ta fún ara wọn. Níbẹ̀, ìwọ́ yìí kéré ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ. Tí ẹ bá ń rí 50 lápá kan àti 90 tàbí 100 lápá kejì, eré bí ogún péré yóò fi hàn yín ohun tí tẹ́tẹ́ 300 kò lè fi hàn. Ẹ yọ owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà lórí èrè kí ẹ tó fi wọ́n wéra, kí ẹ sì wo bóyá ẹni kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ gba iye owó tí ẹ fẹ́ ta ní tòótọ́, nítorí pọ́ùn 2 tó dúró níbẹ̀ kì í ṣe ọjà.

Ní ti èkejì, bí ẹṣin bá ṣe pọ̀ sí i ni àròpọ̀ náà ṣe ń ga sí i, ohun tí ẹ rí sì tọ́. Lọ́jọ́ Grand National, ẹ ro gbogbo iye náà pọ̀ fúnra yín kí ẹ tó ta ohunkóhun, kí ẹ sì fi ti àwọn ẹṣin mẹ́wàá tó kẹ́yìn wé iye wọn lórí ẹ̀rọ, kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n dá nínú ohun tó lé lórí 100.