Ẹbí ń pè, ọ̀gá ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ (ẹni tó béèrè):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan, èmi ni mò ń bá a ṣe ìṣirò owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Ìparí oṣù la jọ sọ, àmọ́ ó ti di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ báyìí. Á ya fọ́tò àwọn rìsíìtì, á dà wọ́n sórí Wáàsáàpù, òmíràn á ṣókùnkùn, òmíràn á dorí kodò, á wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Àbúrò mi, bá mi wo èyí, kò ní pẹ́." Àbúrò mi obìnrin ní tirẹ̀, gbogbo Sátidé ló ń gbé ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Á ní wákàtí méjì péré, ilẹ̀ á ṣú kó tó padà dé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní ṣebí mi ò tíì bímọ, kí ni mo ń fi Sátidé ṣe? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Bí àwọn méjèèjì bá sì jà, èmi ni Màmá wa máa ń pè lálẹ́ pé kí n wá parí ẹ̀.

Ní ọ́fíìsì, ẹnì kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀ka wa. Ọ̀gá ní kí n bá àwọn dì í mú díẹ̀, kí wọ́n tó gba ẹlòmíràn. Títí di òní, mi ò rí i kí wọ́n máa wá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, aago 5 géérégé ló ń gbé báàgì rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá a wí. Èmi tí mò ń dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni wọ́n ń di ẹrù lé lórí.

Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe. Àmọ́ bí mo bá délé, kò sí agbára kankan lára mi mọ́. Màá ṣí ìwé, màá ka ojú ewé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ ohun tó wà níbẹ̀, fóònù á dún, ìwé á padé. Báwo lẹ ṣe ń kọ̀ fún ẹbí láìdìjà?

Bàbá Ìbejì:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ẹbí ò ṣeé yá lówó. Mo yá ìbátan mi kan lówó, títí di òní a kì í kí ara wa. Bí wọ́n bá tún béèrè, ní kí wọ́n wá onídùúró.

Àdùkẹ́:
Ẹ ṣeun, sà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, sà. Àkókò mi ni wọ́n ń gbà.

Kọ́lá:
Ìwọ lò ń dáhùn. Pa fóònù bó o bá ti délé. Kò pọn dandan kó o ṣàlàyé ara ẹ fún ẹnikẹ́ni. Ohun témi ṣe nìyẹn, wọ́n bínú títí, ó sú wọn.

Ìyá Mọ́yọ̀:
Kọ́lá, ìmọ̀ràn tó ń tú ilé ká nìyẹn. Bí nǹkan bá ṣe ìyá rẹ̀ lóru ńkọ́? Àdùkẹ́, má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò ẹni, ọmọ ẹni ni. Lọ́jọ́ tí ara rẹ ò bá yá, àwọn náà lo máa pè. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, nǹkan díẹ̀, ẹ ti fẹ́ gbé ògiri sáàárín ẹ̀yin àti ẹbí yín.

Kọ́lá:
Mà, ẹ ò rí i pé ó ní ó ti sú òun ni? Ṣé kó kú síbẹ̀ ni?

Màmá Ṣadé:
Ẹ ṣe sùúrù ná. Àdùkẹ́, iṣẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, irú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n máa ń gbé wá sí ọ́fíìsì mi. O ti sọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ọ. O ò tíì sọ ohun tí o máa ń sọ fún wọn. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá fi rìsíìtì ránṣẹ́, kí lo máa ń kọ padà gan-an? Ìwé wo lò ń kà, ìgbà wo lo sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀?

Àdùkẹ́:
Mo máa ń kọ ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó rẹ̀ mí lónìí." Mo máa ń sọ fún àbúrò mi pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mi ò dákẹ́ o. Mò ń sọ̀rọ̀, wọn ò kàn kì í gbọ́ ni.

Màmá Ṣadé:
Wọ́n ń gbọ́. Bí o bá ní ó rẹ̀ ọ́ lónìí, ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́ ni pé lọ́la, kò ní rẹ̀ ọ́ mọ́. Á dá ọ lóhùn pé, "Ó dáa, sinmi, bá mi ṣe é lọ́la." Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Bí o bá ní iṣẹ́ pọ̀, àbúrò rẹ á ní ọmọ náà kì í yọ ènìyàn lẹ́nu, kó o máa ṣe iṣẹ́ rẹ lọ. Gbogbo àwíjàre tí o bá fún wọn ni wọ́n máa bá ọ wá ojútùú sí, torí pé wọ́n rò pé ìdíwọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Bí wọ́n bá ti yanjú rẹ̀, kò sí ohun tó kù fún ọ láti sọ ju "ó dáa" lọ.

Ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n rí ojútùú wá ni kí o sọ ohun tí o máa ṣe àti ìgbà tí o máa ṣe é, kí o dákẹ́ síbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni mo máa ń ṣe ìṣirò yín. Ẹ kó gbogbo rìsíìtì jọ dè é." Kò sí àárẹ̀ níbẹ̀, kò sí iṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa tún ṣe. O ò tíì dá mi lóhùn lórí ìwé.

Àdùkẹ́:
Wọ́n dáhùn bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, mà. "Bá mi ṣe é lọ́la." Bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀.

Fúnmi:
Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Nígbà tí mò ń tọ́jú bàbá mi tó ń ṣàìsàn, mo ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́. Alẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń kàwé, kò wọlé. Mo wá ń sùn ní aago 9, mo ń jí ní aago 4 àbọ̀, fóònù á sì wà ní yàrá kejì. Ohun tí mo ń kà ní wákàtí kan àárọ̀ ju ti wákàtí mẹ́ta alẹ́ lọ. Ní àsìkò yẹn, kò sẹ́ni tó ń béèrè nǹkan kan, torí náà kò sí pé mò ń kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ má dín wákàtí oorun kù o. Mo kọ́kọ́ ń sùn ní aago 11, mo sì ń jí ní 4, ohun tí mo bá kà lónìí kì í sí nílẹ̀ lọ́la.

Kọ́lá:
Àdùkẹ́, ìwé kí ni?

Àdùkẹ́:
Ìdánwò àwọn oníṣirò owó ni. Ọ̀sẹ̀ 9 ló kù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ẹbí wa, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ìgbà tí mo ṣe é tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, kí n tó wò ó gan-an, Màmá ti pè, ẹ̀gbọ́n ti pè, ẹni tí mi ò bá sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá ti pè. Mi ò yege. Gbogbo wọn sì ń kí mi kú ìrọ́jú bí ẹni tí òfò ṣẹ̀. Mi ò ní gbà kó tún rí bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì náà ò mọ̀.

Ìyá Mọ́yọ̀:
Háà! Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọn ò mọ̀ pé o ní ohun tí ò ń ṣe, o wá ń bínú pé wọn ò dúró. Sọ fún ìyá rẹ kíákíá. Ìyá tó bá mọ̀ pé ọmọ òun fẹ́ ṣèdánwò, òun gan-an ló máa lé àwọn yòókù sẹ́yìn.

Kọ́lá:
Má sọ o! Bí Màmá bá ti mọ̀, gbogbo ilé ti mọ̀ nìyẹn. Ẹ̀tọ́ rẹ ni kó o má sọ.

Àdùkẹ́:
Kọ́lá ti bá mi sọ ọ́. Mà, ẹ ò mọ Màmá mi.

Màmá Ṣadé:
Mi ò ní bá yín jà lórí kó sọ tàbí kó má sọ. Kò pọn dandan kí ẹbí mọ ìdí, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ mọ wákàtí. "Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, láti aago 8 sí 10 alẹ́, mi ò ní sí lórí fóònù. Bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá wà, ẹ pè mí." Fóònù ní ibi tí wọ́n ti ń yàn án pé kí ìpè ẹnì kan tàbí méjì péré máa dún, kí àwọn yòókù dákẹ́. Fi nọ́ńbà Màmá síbẹ̀. Ohun tí Kọ́lá gbàgbé nìyẹn: bí o bá pa fóònù pátápátá, ọkàn rẹ ò ní balẹ̀ síbi ìwé, wàá tún lọ tàn án wò. Bí Màmá bá pè torí ìjà lásán, sọ fún wọn pé wàá pè wọ́n padà láàárọ̀, kí o sì pè wọ́n lóòótọ́.

Mọ̀ ọ́n sí i pé ìpè á pọ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń juwọ́ sílẹ̀. Bí o bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí o gbà lẹ́ẹ̀kẹta, ohun tí o kọ́ wọn ni pé kí wọ́n máa béèrè lẹ́ẹ̀mẹta.

Ti ọ́fíìsì yàtọ̀. O ò lè sọ "rárá" fún ọ̀gá bẹ́ẹ̀, àmọ́ o lè dá yíyàn padà sí i lọ́wọ́. Wákàtí mélòó ni iṣẹ́ tìrẹ ń gbà lọ́sẹ̀, mélòó ni ti ẹni tó lọ?

Àdùkẹ́:
Wákàtí 40 ni wọ́n gbà mí fún. Tèmi ń gbà tó 36. Tẹni tó lọ á tó 14.

Màmá Ṣadé:
50 nìyẹn. Wákàtí 10 ni ò ń mú láti inú alẹ́ rẹ. Kọ iṣẹ́ ẹni tó lọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú wákàtí rẹ̀, fi ránṣẹ́ nínú ìméèlì, má fẹnu sọ ọ́. Kọ ọ́ pé: "Sà, mo lè mú wákàtí 4 nínú èyí láìjẹ́ kí tèmi pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú, èwo ni kó dúró, títí di ọjọ́ wo?" Ìbéèrè ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì jù, torí pé "díẹ̀" kì í lópin. Má fi ẹni tó ń lọ sílé ní aago 5 kún un. Ọ̀gá mìíràn á ní gbogbo rẹ̀ ni kó o ṣe. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ti wà lákọsílẹ̀, o lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́. Mi ò lè ṣèlérí pé wọ́n á gbọ́.

Bàbá Ìbejì:
Ọmọ mi, tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ń rí owó nílé-iṣẹ́ yẹn, kó máa san owó iṣẹ́ rẹ.

Fúnmi:
Bàbá, ọ̀rọ̀ yín bọ́ sí i gan-an lọ́tẹ̀ yìí.

Àdùkẹ́ (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan):
Ẹ kú ojúmọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bí Màmá Ṣadé ṣe kọ ọ́. Ó ní, "Kí ló dé? Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" Mo ní rárá, ọjọ́ tí mo máa ń ṣe é ni mo sọ. Ó fi rìsíìtì ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mi ò ṣí i, ó sì dákẹ́. Ọ̀gá ní kí n mú iṣẹ́ méjì, kí ìyókù dúró, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ọjọ́. Mi ò tíì sọ fún Màmá, mi ò sì ní sọ. Ti Sátidé ni mi ò mọ bí màá ṣe wí. Àbúrò mi ò ní ẹlòmíràn tó lè gbé ọmọ fún lóòótọ́.

Màmá Ṣadé:
Kọ ìméèlì sí ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan sí i lónìí, kí ìwọ fúnra rẹ dárúkọ ọjọ́ kan, kó gbà á tàbí kó yí i padà. Ní ti Sátidé, má kọ ọmọ. Wákàtí ni kí o dì mú. "Láti aago 9 sí 12, mo wà. Ní aago 12, mo máa gbé e wá bá ọ níbikíbi tí o bá wà." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbé e lọ lóòótọ́.

Ìyá Mọ́yọ̀:
Kó gbé ọmọ lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́? Mi ò fara mọ́ ìyẹn o.

Àdùkẹ́:
Ibi tí wọ́n ti ń ṣe irun ló ń lọ, mà, kì í ṣe iṣẹ́.

Ìyá Mọ́yọ̀:
Ẹ̀ẹ́n! Gbé e lọ.