Ẹ bá wa wo síífíì nọ́ọ̀sì yìí

Màmá Tóbi, Ìkòròdú: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi obìnrin, ilé ìwòsàn aládàáni kan níbí ló wà. Ọdún méjì tí NMCN, àjọ nọ́ọ̀sì Nàìjíríà, ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nílé ti pé. Ó ti fìwé ránṣẹ́ sí ibi mọ́kànlá ní ìlú ọba, ẹnì kan ò pè é. Fọ́tò wà lókè síífíì rẹ̀, ìpínlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, àti pé kò tíì lọ́kọ.

Bọ̀dá Kúnlé: Fọ́tò ò burú. Ojú ìwé kan péré ni kó jẹ́, òyìnbó kì í ka ìwé gígùn.

Àǹtí Fúnkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kó yọ fọ́tò. Kó yọ ẹ̀sìn, ọjọ́ orí àti ọ̀rọ̀ ọkọ. Ojú ìwé méjì ò pọ̀ jù. Òkè ni kó kọ ọ́ sí pé òun ti yege CBT, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ti NMC, àjọ nọ́ọ̀sì ìlú ọba, tó bá ti ṣe é. OSCE, ìdánwò àfọwọ́ṣe, ìlú ọba níbí la ti ń ṣe ìyẹn.

Ẹ̀yìn ìyẹn, lẹ́tà ńkọ́? Lórí NHS Jobs, ìkànnì iṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba níbí, àpótí "Supporting information" ni lẹ́tà. Àwọn tó ń yan orúkọ á máa fi í wé "Person specification", ìyẹn àkójọ ohun tí wọ́n ń wá lára ẹni tí wọ́n máa gbà, pàápàá ibi tí wọ́n kọ "Essential" sí, ìyẹn ohun tó pọn dandan. Kó máa dáhùn wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kí ló kọ?

Màmá Tóbi: "Òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, mo bẹ̀rù Ọlọ́run."

Àǹtí Fúnkẹ́: Bí gbogbo wa ṣe kọ ọ́ nìyẹn 😂. Ẹ bi í: ìgbà wo ló rí i pé ara aláìsàn ń yí padà?

Ṣẹ́gun: Èmi ò kọ lẹ́tà kankan nígbà tí mo wá ṣe kíà, iṣẹ́ olùtọ́jú, ní 2022.

Àǹtí Fúnkẹ́: Iṣẹ́ kíà nìyẹn, àbúrò. Wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn físà yẹn mọ́ àwọn tó wà nílé ní 2025.

Màmá Tóbi: Mo ti pè é. Bàbá kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, lóru.

Àǹtí Fúnkẹ́: Ó yá, kó kọ ọ́ báyìí: "Èmi àti nọ́ọ̀sì kan ló wà ní wọ́ọ̀dù oníbẹ́ẹ̀dì 14 lóru. Ìlù ọkàn aláìsàn kúrò ní 84, ó di 122. Ìfúnpá rẹ̀ já sí 94/60. Ẹ̀jẹ̀ ti rin báńdéèjì. Mo pe dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú 15-15, mo sì kọ àkókò sílẹ̀." Kó lo "mo", kó má lo "a", kí wọ́n lè mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Kó má dárúkọ aláìsàn o. Nọ́ńbà tirẹ̀ gan-an ni kó fi sí i, wọ́n á bi í nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Bọ̀dá Kúnlé: Ibi mọ́kànlá yẹn, ṣé wọ́n ń gba ẹni tó nílò físà?

Màmá Tóbi: Kò wò ó.

Àǹtí Fúnkẹ́: Háà! Kó kọ́kọ́ wo ìyẹn.

Ṣẹ́gun: Mo mọ ibì kan tí wọ́n kọ "rárá" sí lórí ọ̀rọ̀ físà, tí wọ́n ṣì gba ẹnì kan.

Àǹtí Fúnkẹ́: Èmi ò rí irú ẹ̀ rí.

Màmá Tóbi: Oṣù márùn-ún tó fi tọ́jú bàbá wa ńkọ́? Ó fò ó nínú síífíì.

Àǹtí Fúnkẹ́: Kó kọ oṣù àti ọdún sí i, kó ní òun ń tọ́jú bàbá òun. Ìlà kan tó.