Àbọ̀ lórí lẹ́tà ìsinmi ìgbéyàwó mi: wọ́n ti fọwọ́ sí i

"Ṣé kí n ka ọjọ́ ìrìn-àjò mọ́ ìsinmi tí mo ń tọrọ?"

Ìbéèrè tí mo bi yín níbí nìyẹn, ẹ ṣeun gan-an fún ìdáhùn yín. Ohun tí mo kọ nìyí: ìdána ní Ìbàdàn, Tọ́sìdeè 10 Oṣù Kejìlá 2026, ìsopọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Sátidé 12. Máa kúrò ní Kánò ní Túsìdeè 8, torí odindi ọjọ́ kan ni mọ́tò ń gbà. Máa padà ní Mọ́ńdè 14, máa sì wọṣẹ́ ní ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni gbogbo ẹ̀. Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ pé òfin fún wa ní mẹ́fà lọ́dún, ó kéré tán, àmọ́ lẹ́yìn oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ ni. Àbúrò tó bèèrè nípa nikai tiẹ̀, kọ déètì méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Owó ìsinmi ni wọn ò tíì dá mi lóhùn lé lórí.